Báńkì Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì Kò Jẹ́ Kí Ẹ Wọlé? Ẹ Wo Bó Ṣe Kọ̀ Yín Ná

Bí ojú ìwé báńkì bá ti kọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Báńkì ń ka iye ìgbà tí èèyàn ṣì í tẹ̀, ìgbà díẹ̀ péré ni wọ́n sì ń gbà kí wọ́n tó ti ọ̀nà pa. Bí wọ́n bá ti tì í pa, wàhálà kékeré tí ẹ lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yanjú nílé yóò di ohun tí ẹ ń tò sí lórí ìlà ní báńkì.

Bó ṣe kọ̀ yín ni yóò sọ ibi tí àìsàn wà. Bí ojú ìwé náà kò bá ṣí rárá, tàbí tó ṣí ṣùgbọ́n tí bọ́tìnnì kò dáhùn, bíráúsà ni kí ẹ fura sí. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan tó sì dá yín padà síbi àpótí òfìfo, láì sọ pé ẹ ṣi nǹkan kan kọ, kúkì ni. Bó bá sọ pé User ID tàbí pásíwọ̀ọ̀dù kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ó sì dá yín lójú pé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wo ohun tí bíráúsà bá yín kọ síbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń jẹ ìgbà díẹ̀ tí báńkì fún yín.

Màmá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Wuse, l'Ábújá níbí, ni mo bá tún tirẹ̀ ṣe. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù wọn, báńkì ti kọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ wọn sì tún ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ ná." Wọ́n ní, "Pásíwọ̀ọ̀dù tí mo fi wọlé lórí fóònù láàárọ̀ yìí náà ni o, ọmọ mi!" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kọ́ ló kọ ohun tó wà nínú àpótí, bíráúsà ló kọ ọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti pààrọ̀ pásíwọ̀ọ̀dù, èyí àtijọ́ ló sì ṣì wà nípamọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Nínú àpótí User ID, ímeèlì wọn ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ mìíràn ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ ní báńkì.

Bí a ṣe tún un ṣe nìyí. A kọ́kọ́ pa ohun tó wà nínú àpótí méjèèjì rẹ́ pátápátá. A wá ṣí ibi tí Chrome, bíráúsà tí màmá ń lò, ń kó pásíwọ̀ọ̀dù pa mọ́ sí, nípa títẹ èyí sí òkè níbi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí:

```
chrome://password-manager/passwords
```

Ẹ kọ orúkọ báńkì yín sínú àpótí ìwákiri tó wà níbẹ̀. Kó má yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí i ju ẹyọ kan lọ. Méjì la rí ní ti màmá: ọ̀kan fún ojú ìwé tí báńkì fi ń polówó ara rẹ̀, èkejì fún ibi tí wọ́n ti ń wọlé gan-an. A pa méjèèjì rẹ́. Bó bá jẹ́ pé User ID nìkan ni bíráúsà ń dábàá, ẹ tẹ àpótí náà, ẹ fi bọ́tìnnì ọfà sọ̀ kalẹ̀ sórí àbá tí kò dára yẹn, kí ẹ tẹ Shift àti Delete pọ̀. Yóò lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yín kọ ọ́. Àlàfo tó fara pamọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún níbí. Bí a bá gba àbá lórí bọ́tìnnì fóònù, tàbí tí a da ọ̀rọ̀ kọ láti inú WhatsApp, àlàfo kan sábà máa ń tẹ̀ lé lẹ́tà tó kẹ́yìn, ojú kì í sì rí i. Báńkì máa ń kà á mọ́ ọn. Ẹ tẹ inú àpótí, kí ẹ tẹ End. Bí ìlà tó ń ṣẹ́jú bá dúró jìnnà díẹ̀ sí lẹ́tà tó kẹ́yìn, ẹ tẹ Backspace lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí pásíwọ̀ọ̀dù yóò jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n ẹ wẹ̀yìn wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Màmá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bíráúsà bi wọ́n bóyá kó tọ́jú pásíwọ̀ọ̀dù tuntun, a sì tẹ Never, torí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà ń lo kọ̀ǹpútà yẹn.

Ní ti kúkì, àmì kékeré ni, tí báńkì ń fi sínú bíráúsà yín kó lè mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ tẹ bọ́tìnnì náà lẹ ṣì wà níbẹ̀. Bí bíráúsà bá kọ̀ láti gbà á, báńkì yóò gba pásíwọ̀ọ̀dù yín, yóò sì gbàgbé yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti N pọ̀ láti ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀, kí ẹ gbìyànjú níbẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́, kúkì àtijọ́ tó ti bàjẹ́ ló sábà máa ń fà á. Ẹ padà sí fèrèsé ti tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ àmì tó wà lápá òsì àdírẹ́sì báńkì, ẹ wá Cookies and site data, kí ẹ pa ti báńkì nìkan rẹ́. Kò sídìí láti nu gbogbo rẹ̀. Bí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ náà bá kọ̀, ẹ ṣí èyí:

```
chrome://settings/content/siteData
```

Bó bá jẹ́ pé Don't allow sites to save data on your device ni wọ́n yàn níbẹ̀, ẹ ti rí i. Ẹ yí i sí Allow. Nígbà mìíràn, ẹni tó bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe ló yàn án láì sọ fún yín.

Bíráúsà tó ti gbó, tí kì í jẹ́ kí ojú ìwé ṣí tàbí kí bọ́tìnnì dáhùn, ló kù. Ẹ wò ó ní chrome://settings/help. Bó bá lè gba tuntun, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á fúnra rẹ̀, ẹ̀yin yóò kàn tẹ Relaunch. Ṣùgbọ́n bí Windows 7 bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, Chrome 109 tó jáde ní ọdún 2023 ni òpin ibi tó lè dé, ìmúdójúìwọ̀n kankan kò sì tún sí fún un. Ẹ má ṣe wá ọgbọ́n tí yóò mú kí bíráúsà pe ara rẹ̀ ní tuntun, torí báńkì nìkan lẹ tàn, ihò tí olè lè gbà wọlé ṣì wà níbẹ̀. Áàpù báńkì lórí fóònù ló dára fún yín títí ẹ ó fi yí kọ̀ǹpútà padà. Bí ojú ìwé kan tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ bá sì gbé línkì lé yín lọ́wọ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ lè gba bíráúsà tuntun, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Inú bíráúsà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á.

Bí báńkì bá ti tì yín pa ṣáájú kí ẹ tó ka èyí, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí ẹ rí nípa wíwá kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ sì pa pásíwọ̀ọ̀dù àtijọ́ rẹ́ kúrò nínú bíráúsà kí ẹ tó lo tuntun tí wọ́n bá fún yín.