Ìparí ímeèlì Faransé: ta la lè kọ "Cordialement" sí, ta ni ká ṣì dọ̀bálẹ̀ fún?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Mo ń wá ààyè másítà ní Faransé, mo kọ ímeèlì sí madámù tó ń bójú tó kọ́ọ̀sì náà, mo sì fi "Je vous prie d'agréer, Madame, mes salutations respectueuses." parí ẹ̀. Wọ́n ti dá mi lóhùn, àmọ́ "Bien cordialement" ni wọ́n fi parí tiwọn. Ṣé kí n tún kọ gígùn yẹn ni àbí kí n kọ "Bien cordialement" bíi tiwọn? Ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá tún kọ gígùn yẹn, màá dà bí akọ̀wé ayé àtijọ́.

Ìdáhùn: Má tún gígùn yẹn kọ, má sì tíì kọ "Bien cordialement" náà. Kọ "Respectueusement," tàbí "Bien respectueusement," kí o tẹ orúkọ ẹ sí abẹ́ ẹ̀, ó tán.

Wò ó, inú "cor" ti èdè Látìn ni "Cordialement" ti wá, ọkàn ni ìtumọ̀ ẹ̀. Lónìí ó ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bánkì ń kọ ọ́, ẹni tó fẹ́ ta ìbánigbófò fún ẹ ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń rántí ọkàn kankan mọ́. Àmọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ṣì wà, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó jẹ́ pé tí ọmọ tí wọn ò mọ̀ rí bá kọ́kọ́ fi "Cordialement" ránṣẹ́ sí wọn, ṣe ló máa ń dà bíi pé ọmọ náà na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́. O sì mọ̀ pé nílé wa ọmọdé kì í kọ́kọ́ nawọ́ sí àgbà. Ṣùgbọ́n tí àgbà bá na tiẹ̀ ńkọ́? O ò ní wò ó níran, wàá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wàá tẹrí ba díẹ̀. Madámù yẹn ti nawọ́. "Bien respectueusement" lọwọ́ méjèèjì tí wàá fi gbà á. Tí o bá wá padà sí gígùn yẹn, àfi bíi pé wọ́n ní kí o dìde, o tún dọ̀bálẹ̀ padà, àwọn náà á máa rò ó pé bóyá ìdáhùn àwọn ló bí ẹ nínú.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn: ẹni tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, èmi á tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n màá fi ìgbésẹ̀ kan sílẹ̀ láàárín wa. Ká ní wọ́n tún kọ̀wé sí ẹ, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bonjour" àti orúkọ tí wọ́n sọ ẹ nílé, tí "Bien cordialement" sì tún wà nísàlẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ìwọ náà kọ "Bien cordialement", kò sóhun tó máa ṣe. "Bien à vous" ní tiẹ̀, fi sílẹ̀ títí wọ́n á fi kọ́kọ́ lò ó, torí ó sún mọ́ èèyàn ju "Cordialement" lọ. "Amicalement" ò kàn ẹ́ rárá. Má sì jẹ́ kí orúkọ ẹ tí wọ́n pè tàn ẹ́ jẹ, "vous" ni wọ́n ṣì ń jẹ́ lẹ́nu ẹ, bó ṣe jẹ́ pé ìyá ọ̀rẹ́ ẹ lè máa pè ẹ́ ní "ìwọ" síbẹ̀ "ẹ̀yin" lo máa dá wọn lóhùn.

Ohun kan kù tó máa ń da àwọn ọmọ láàmú. Tí ọjọ́ bá pé tí o fẹ́ fi "lettre de motivation" ránṣẹ́, lẹ́tà gidi nìyẹn, inú fáìlì ló wà, àwọn ìgbìmọ̀ tí kò mọ ẹ́ rí ló máa kà á. Gígùn yẹn gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ látòkè délẹ̀ kódà kó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì ti ń bá ara yín ṣàwàdà nínú ímeèlì. Kúkúrú nínú ímeèlì, gígùn nínú fáìlì tí o so mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi ní Kútọnu dá lẹ́tà mi padà, wọ́n ní ìparí ẹ̀ ò dáa, wọn ò sọ ibi tó ti bàjẹ́. "Madame la Directrice," ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo fi parí ẹ̀ rèé: "Dans l'attente de votre réponse, veuillez agréer, Monsieur, l'expression de mes salutations distinguées." Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i o.

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́. Ibi mẹ́rin ló ti bàjẹ́, jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó hàn jù ni "Monsieur". Orúkọ tí o fi pe èèyàn lókè náà lo gbọ́dọ̀ fi pè é nísàlẹ̀ láìyọ lẹ́tà kan, "Madame la Directrice" lókè, "Madame la Directrice" nísàlẹ̀. Mo bá ẹ kẹ́dùn níbí torí ó ti ṣe èmi náà rí. Lọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, mo ṣí lẹ́tà oṣù tó kọjá, mo pààrọ̀ gbogbo nǹkan, mo gbàgbé "Monsieur le Directeur" kan sí ìlà ìsàlẹ̀, obìnrin ni mo sì ń kọ̀wé sí. Pẹ́nì pupa ni wọ́n fi yí i ká tí wọ́n fi dá a padà, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Láti ìgbà yẹn ìlà tó gbẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ tún ṣe.

Ìkejì, "Dans l'attente". Ta ló ń dúró de ìdáhùn? Ìwọ ni. Ó dáa, lẹ́yìn kọmá, ta ni "veuillez" ń bá wí? Àwọn ni. Òyìnbó Faransé tó bá mọ gírámà á wá kà á pé Madame la Directrice ló jókòó tó ń dúró de ìdáhùn ara ẹ̀. Tí gbólóhùn bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Dans l'attente", "je" ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé kọmá yẹn.

"Veuillez" fúnra ẹ̀ tún ní ọ̀ràn tiẹ̀, àṣẹ ni tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ bò. "Veuillez agréer" dà bí ẹni sọ pé "ẹ gbà á", "Je vous prie d'agréer" wá dà bí "mo bẹ̀ yín, ẹ gbà á". O lè kọ ti àkọ́kọ́ sí ẹgbẹ́ ẹ tàbí sí ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà fún yín. Ẹni tó jù ẹ́ lọ, bẹ̀ ẹ́. "Recevez" ní tiẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju méjèèjì lọ, ọ̀gá ló ń kọ ọ́ sí ọmọ iṣẹ́.

Èyí tó kù ni "l'expression de mes salutations". Ìkíni la fi ń kí èèyàn, a kì í tún ṣàlàyé pé a ń kí i. "Sentiments" ni wọ́n máa ń "expression" ẹ̀, ìyẹn ohun tó wà nínú ẹni, "salutations" á kàn dá dúró. Kí n má parọ́, kún inú ayé ni àwọn tó ń kọ ọ́ bó o ṣe kọ ọ́, títí kan àwọn ọ́fíìsì ńlá, ìdí nìyẹn tí o fi rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ọ̀gá ẹ jọ ẹni tó ń rí i.

Èyí tí màá fi ránṣẹ́ rèé:

```
Dans l'attente de votre réponse, je vous prie d'agréer,
Madame la Directrice, mes salutations respectueuses.
```

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo "l'expression de mes sentiments respectueux", òun náà dáa. Àwọn àgbà Faransé kan ló máa ń sọ pé ọkùnrin kì í fi "sentiments" ránṣẹ́ sí obìnrin tí kì í ṣe tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin sí ọkùnrin. Àwọn ọ̀dọ́ ò ka ìyẹn sí mọ́. Ṣùgbọ́n "salutations" ò bí ẹnikẹ́ni nínú, ìdí tí mo fi ń lò ó nìyẹn.

Ìbéèrè: Àwa àti obìnrin kan ní ẹ̀ka wa ní Páríìsì jọ ń ṣiṣẹ́, ó ti tó ọdún kan tó ti ń kọ "Bien à toi" sí mi. Lánàá ó ṣàdédé kọ "Cordialement" gbẹrẹfu. Mo ti ń ronú ohun tí mo ṣe látàná. Ṣé ó ń bínú ni?

Ìdáhùn: Kí o tó máa da ara ẹ láàmú, wo ibi Cc ná. Tí ọ̀gá ẹ̀ bá wà níbẹ̀, ó ti tán, kò lè máa pè ẹ́ ní "à toi" níwájú ọ̀gá, bó ṣe jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ẹ lọ́fíìsì á kàn pè ẹ́ ní "Ọ̀gbẹ́ni Báyìí" tí àlejò bá wà ńlẹ̀. Tí kò bá sẹ́nìkan nínú Cc, wò ó bóyá fóònù ló fi kọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kọ "Cordialement" mọ́ orúkọ àti nọ́ńbà wọn tó máa ń jáde fúnra ẹ̀ nísàlẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Inú ọ̀rọ̀ gan-an ni kí o wá wò. Ṣé "tu" ló ṣì ń pè ẹ́ láàárín ìwé náà? Tó bá jẹ́ "tu", fọkàn balẹ̀, kọ "Bien à toi" tìẹ bó o ṣe máa ń kọ ọ́ (àfi tí ọ̀gá bá wà nínú Cc, "Cordialement" ni kí ìwọ náà kọ). Tó bá ti di "vous", tí "Bonjour" òkè náà sì ti di "Monsieur" lásán, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, má fi ímeèlì yanjú ẹ̀, pè é lórí fóònù.

Tó bá sì jẹ́ "Cdt" tàbí "Cdlt" ló kọ, ìkánjú nìyẹn, kì í ṣe ìbínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ìwọ má kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni. Tí o bá ti ráàyè kọ ìlà mẹ́wàá, tí o wá gé ìkíni kù sí lẹ́tà mẹ́ta, ẹni tó gbà á á rí i. Pẹ̀lúpẹ̀lù "Cdt" náà ni wọ́n ń kọ fún kọmandáǹtì ológun.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ̀wé pe aṣojú ìjọba Faransé síbi ayẹyẹ wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, àwọn kan ní kí n kọ "respectueusement", ó tó àbí kò tó?

Ìdáhùn: Kò tó, mà. Ẹ kọ "Monsieur l'Ambassadeur," lókè, tó bá jẹ́ obìnrin "Madame l'Ambassadrice,". Nísàlẹ̀ ẹ wá kọ:

```
Je vous prie d'agréer, Monsieur l'Ambassadeur,
l'expression de ma haute considération.
```

Ẹ jọ̀ọ́ mà, "haute" ni o, kì í ṣe "considération distinguée". Ẹ máa rí "l'assurance de ma considération distinguée" nínú lẹ́tà tí ọ́fíìsì ìjọba bá kọ sí yín, ẹ má dà á kọ padà sí wọn, torí "assurance" yẹn, ẹni tó wà lókè ló sábà máa ń fi í fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Tí akọ̀wé wọn bá wá dá yín lóhùn pẹ̀lú "Cordialement" lórí ọ̀rọ̀ àkókò àti ibi ìgbọ́kọ̀sí, òun ni kí ẹ kọ "Bien cordialement" sí, àmọ́ tí ẹ bá tún ń kọ̀wé sí aṣojú fúnra wọn, "haute considération" náà ni.