Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, nígbà tí ibi iṣẹ́ bá ti di ojú ogun

Níbí ní Kàbà, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja ló ń wálé ní Fúráìdè, tí wọ́n á sì padà nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi rin ọ̀nà yẹn. Bí mọ́tò bá ti dé ìtòsí Ọbajánà, tí mo rí àwọn trélà símẹ́ńtì, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ọwọ́ mi á tutù. Iṣẹ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì wa ní Lọ́kọ́ja tó máa ń wọ́ èèyàn nílẹ̀ níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìpàdé àárọ̀ Mọ́ńdè.

Àṣìṣe tó pọ́n mi lójú jù lọ ni pé mo máa ń tètè sùn. Mo gbà pé bí ọ̀la yóò bá le, àfi kí n ti wà lórí ibùsùn ní agogo mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ iyán lẹ́yìn ìsìn, mo sì ti sùn láti agogo méjì di márùn-ún. Oorun wo ló tún kù? Bí èèyàn bá ṣe pẹ́ lójúfò tó ni oorun ṣe ń wúwo sí i. Ibùsùn mi wá di ibi tí mo ti ń bá ọ̀gá jà títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Nígbà tó yá, kí n ṣáà fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, àyà mi á já.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n jí ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, títí kan Sátidé, kí oorun ọ̀sán má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kí ó sì parí kí agogo mẹ́ta tó lù. Ìgbà tí ojú bá wúwo nìkan ni kí ẹ lọ dùbúlẹ̀. Bí ó bá tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò wá, ẹ dìde, kí ẹ jókòó sórí àga nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò tàn jù, kí ẹ máa ṣe nǹkan tí kò ní ta yín jí, títí oorun yóò fi padà. Ẹ má wo aago o, ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Ó lè kọ́kọ́ le sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Obì tí à ń jẹ lẹ́yìn ìsìn náà ń lé oorun lọ bíi kọfí, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì lè wà lára lẹ́yìn wákàtí márùn-ún. Ọtí ní tirẹ̀ á mú yín sùn kíákíá, á sì jí yín láàjìn.

Àwọn kan máa ń ṣí Wáàsáàpù ibi iṣẹ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ “kí n ṣáà mọ ohun tó ń lọ.” Ara á tù wọ́n fún ìṣẹ́jú méjì, wọn á sì tún padà wò ó. Bí iṣẹ́ yín bá gba kí ẹ wò ó, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ pa ohùn rẹ̀ di àárọ̀.

Àbúrò mi kan, tó ń ṣe ìṣirò owó ní ọ́fíìsì kan, máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé “má rò ó.” Èyí tí a bá ń lé ló ń padà wá. Mo ní kó mú bébà ní agogo márùn-ún, kó kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an. Ó kọ mẹ́ta: ìròyìn oṣù kò tíì parí, ọ̀gá yóò bú mi ní ìpàdé, wọn yóò lé mi. A wá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì bi í pé kí ni ọwọ́ rẹ̀ lè tó níbẹ̀. Ojú ìwé méjì ló kù nínú ìròyìn, nítorí náà yóò dé ọ́fíìsì ní agogo méje ààbọ̀ kó parí rẹ̀. Fún èébú, ó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ibi tó kù díẹ̀ káàtó hàn mí, màá tún un ṣe.” Ẹ̀kẹta kò ní ohun tó lè ṣe sí i ní Sọ́ńdè. Ó ká bébà náà sínú báàgì. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí a fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Bí ìbẹ̀rù bá ń bá yín títí di Ọjọ́bọ̀, tí ẹ kò lè jẹun tàbí sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá ń wù yín kí ilẹ̀ má mọ́ bá yín, ẹ má dá nìkan wà lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ pe ẹnì kan kó gbé yín lọ sílé ìwòsàn.

Àṣìṣe tó kẹ́yìn ni kí a máa tọ́jú ara wa nìkan, bí ẹni pé àwa ni àìsàn náà. Kò sí oorun tó lè yí ọ̀gá padà. Àbúrò mi ra ìwé kékeré kan tó ń gbé sílé, inú rẹ̀ ló ń kọ èébú kọ̀ọ̀kan sí, kì í ṣe sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì: ọjọ́, wákàtí, ọ̀rọ̀ náà gan-an bí ó ṣe jáde lẹ́nu, ẹni tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje ó kà á, ó rí i pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n bú u, gbogbo rẹ̀ níṣojú èèyàn, kò sí ọ̀kan tí wọ́n pè é sọ́tọ̀. Òun àti ẹnì kan tó gbọ́ èébú náà mú ìwé yẹn tọ olórí àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ó sì béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Oṣù mẹ́rin ni ó gbà. Ní gbogbo Sọ́ńdè inú oṣù mẹ́rin náà, ó ń mú bébà ní agogo márùn-ún.