Lẹ́tà ìlà márùn-ún tó ná mi ní oṣù mẹ́rin

Ọjà tí mo ti ní n kò fẹ́ mọ́ ló dé ẹnu ọ̀nà mi, kéréètì igò lórí kéréètì, pẹ̀lú íńfọ́ìsì lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù kìíní ni mo ti sọ fún ọmọ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà náà wá, ìyẹn ẹni tó máa ń gba ọ́dà lọ́wọ́ mi, pé a ò ní ra ọjà lọ́wọ́ wọn mọ́. Ó ní, "Kò burú, ọ̀gá, mo ti gbọ́." Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Inú bí mi gan-an, àmọ́ nígbà tí mo ṣí ìwé àdéhùn, ẹnu mi wọhò: ìfilọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, ní ọjọ́ 60 ṣáájú, sí àdírẹ́sì ọ́fíìsì wọn, ọjọ́ tó bá sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ò kà.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ kún ojú ewé méjì. Igò tó sán, ọjà tó pẹ́, gbogbo ẹ̀ ni mo kó síbẹ̀. Ìyàwó mi kà á, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kúrò ni àbí ẹ fẹ́ jà?" Mo ya á. Èyí tí mo tún kọ nìyí:

"A fi ìwé yìí sọ fún yín pé a óò fòpin sí àdéhùn wa ní ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á. A óò gba ọ́dà tó kẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. A óò san gbogbo íńfọ́ìsì tó bá wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kó kéréètì òfìfo yín, kí ẹ sì dá owó ìdógò wa padà. A dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí a jọ ṣe."

N kò sọ ìdí, torí bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní àwọn á tún un ṣe, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó wá sú mi nìyí. Mo gbé e lọ fúnra mi. Arábìnrin tó wà níwájú gbà á, kò fẹ́ fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi. Ó ní ọ̀gá òun ò sí nílé. Mo padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀gá ò tíì dé. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó dáhùn, àdéhùn ò sì gba ímeèlì. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ báyìí, kéréètì sì tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì sanwó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rán oníṣẹ́ tó ń gba ìfọwọ́sí kó tó já ẹrù sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, mo sì ka 60 síwájú: ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún. Mo fi ọjọ́ yẹn ránṣẹ́ sí wọn lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ka tiẹ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, oníṣẹ́ yẹn ni n bá kọ́kọ́ rán. Wọ́n kó kéréètì 46 lọ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ wọn tó bá wọn wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá tún nílò wa, ẹ pè." Mo ní mo gbọ́.