Nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ ń fò, bátìrì ń tètè kú: ṣé maikirokontírólà ló yẹ kí n lò ni?

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni o. Mo so sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 mọ́ Raspberry Pi kí n lè mọ ibi tí omi dé nínú táǹkì. Omi ò mì rárá, síbẹ̀ ohun tí mo ń rí ni 42, 43, 59, 42. Ṣé sẹ́ńsọ̀ mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo 59 yẹn dáadáa. Sẹ́ńsọ̀ yìí máa ń ju ìró sójú omi, á sì máa retí kí ó padà. Títí ìró náà á fi dé, iná á wà lórí wáyà tí wọ́n kọ `ECHO` sí. Máíkírósẹ́kọ́ńdì 58 ló dúró fún sẹ̀ǹtímítà kan. Bí bọ́ọ̀dù yín bá fi mílísẹ́kọ́ńdì kan péré pẹ́ kí ó tó rí i pé iná ti lọ, ó ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 kún un nìyẹn. 42 yín á di 59.

Kí ló ń dá a dúró? Odindi kọ̀ǹpútà ni Raspberry Pi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bọ́ọ̀dù kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Linux ló ń pín iṣẹ́ fún un: Wáífáì ń fẹ́ tiẹ̀, káàdì mẹ́mọ́rì ń fẹ́ tiẹ̀, kóòdù yín náà wà lórí ìlà. Ìgbà tó bá kàn án ló ń ṣiṣẹ́. Maikirokontírólà bí ESP32 yàtọ̀. Ṣíìpù kékeré kan ni, kò ní Linux, kóòdù tí ẹ kọ sí i ló sì ń ṣe láti ìgbà tí iná bá ti dé. Wáífáì rẹ̀ lè dí i lọ́wọ́ díẹ̀, torí náà ẹ ka sẹ́ńsọ̀ tán kí ẹ tó tan Wáífáì.

Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ dán èyí wò: ẹ kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, ẹ mú ti àárín. Bí ti àárín kò bá yí padà, a jẹ́ pé àìbọ́sákòókò ló ń fa ọ̀kan tó ń fò. Bí gbogbo wọn bá ń rìn gbéregbère, ẹ yẹ wáyà àti sẹ́ńsọ̀ wò. Ẹ sì rántí pé fóòtì 5 ló ń jáde ní `ECHO`, bẹ́ẹ̀ fóòtì 3.3 ni Raspberry Pi àti ESP32 ń gbà. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ méjì dín in kù.

Ìbéèrè: Páwábáńkì 10,000 mAh ni mo fi gbé e, kò sì pé ọjọ́ kan tó fi kú. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo kúkú ń kà á!

Ìdáhùn: Linux kì í sùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Páwábáńkì yín gbé nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 37. Bí díẹ̀ bá ṣòfò lójú ọ̀nà, á ku 31. Bọ́ọ̀dù tó ń jẹ wáàtì 2 á jẹ ẹ́ tán ní wákàtí 15.

ESP32 ní tiẹ̀ lè jí, kí ó ka omi, kí ó fi ránṣẹ́, kí ó tún sùn:

```
esp_sleep_enable_timer_wakeup(600000000ULL);
esp_deep_sleep_start();
```

Ká ní ó ń lo 100 mA fún sẹ́kọ́ńdì 5 tó fi jí, tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ń lo 1 mA lójú oorun. Bí a bá pín in káàkiri ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà, kò ju bíi 1.8 mA lọ. Bátìrì 2,000 mAh á gbé e fún bí ọjọ́ 45. Iná pupa kékeré tó máa ń tàn lára bọ́ọ̀dù wà lára ohun tó ń jẹ 1 mA yẹn. Ṣíìpù fúnra rẹ̀ kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ kàn má fi páwábáńkì gbé e: ọ̀pọ̀ páwábáńkì máa ń pa ara wọn bí ohun tí wọ́n ń gbé bá ń jẹ iná díẹ̀ jù.

Ìbéèrè: Ìgbà wo wá ni Raspberry Pi wúlò? Mo ń gbèrò láti fi kámẹ́rà tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ kún un.

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni. Àwòrán aláwọ̀ kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 640, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 480, ń gba báìtì 921,600 kí a tó fún un pọ̀. Mẹ́mọ́rì inú ESP32 jẹ́ kílóbáìtì 520. Àwòrán kan ṣoṣo ò wọlé, ká má tíì sọ ti wíwá ojú nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀dù ESP32 tó ní kámẹ́rà wà lóòótọ́. Wọ́n fi mẹ́mọ́rì kún un, ó sì lè ya àwòrán kó fi ránṣẹ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà ni màá gbé ìdánimọ̀ lé lọ́wọ́.

Ohun tí èmi á ṣe ni pé kí ESP32 wà nídìí táǹkì pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, kí Raspberry Pi wà nínú ilé níbi tí iná ti ń dé déédéé, kó máa gba nọ́ńbà láti orí Wáífáì, kó sì máa bójú tó kámẹ́rà. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ tẹ `sudo poweroff` kí ẹ tó yọ wáyà. Káàdì méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ torí pé mo fa wáyà yọ nígbà tó ń kọ nǹkan sí i. Tí ẹ bá sì ń lọ rà, ẹ ṣọ́ra fún Raspberry Pi Pico: maikirokontírólà ni, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, Linux ò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.