Yàrá mẹ́ta ni kóòdù mi ń kà, méjì ló sì yẹ kó jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Gbọ̀ngàn kan ní Tankẹ́, n'Ílọrin níbí, ní kí n bá àwọn ṣírò iye yàrá tí ìpàdé Sátidé máa gbà. Ọmọ Ọ̀fà, 9:00 sí 10:30. Ọmọ Òmù-Àrán, 9:30 sí 11:00. Ọmọ Ìgbàjà, 10:30 sí 12:00. Ọmọ Ajàṣẹ́, 11:00 sí 12:00. Mo fọwọ́ ṣe é, méjì ni; kóòdù ní mẹ́ta. Mo sọ wákàtí di ìṣẹ́jú (9:00 di 540), mo to ìbẹ̀rẹ̀ sínú `b`, mo to ìparí sínú `p`. Àbí yíyà tí mo yà wọ́n sọ́tọ̀ ló bà á jẹ́?

```python
n = j = 0
for t in b:
    if t <= p[j]:
        n += 1
    else:
        j += 1
```

Ìdáhùn: Yíyà yẹn kọ́, àbúrò. Ká ní ọkùnrin kan jókòó sẹ́nu géètì. Bí ẹgbẹ́ kan bá wọlé, ó ju òkúta kan sínú igbá. Bí ẹgbẹ́ kan bá jáde, ó yọ òkúta kan. Kò kàn án bóyá ọmọ Ọ̀fà ló jáde tàbí ọmọ Òmù-Àrán: iye òkúta inú igbá ni iye yàrá tí èèyàn wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, kò ní lè sọ ẹgbẹ́ tó wà ní yàrá wo fún ọ, ṣùgbọ́n iye nìkan ni wọ́n ní kí o wá.

Àmì `=` yẹn ni olè. `b` jẹ́ 540, 570, 630, 660. `p` jẹ́ 630, 660, 720, 720. 540 ò tó 630, yàrá kan. 570 náà ò tó o, ó di méjì. Ó wá kan ọmọ Ìgbàjà ní 630. Ọmọ Ọ̀fà ń jáde ní 630 gan-an, yàrá wọn ti ṣófo, ṣùgbọ́n `<=` ka 630 méjèèjì sí ìkọlura, ó bá ṣí yàrá kẹta. Lo `<`. Ìgbàjà á bọ́ sí `else`, `j` á sún sí 660, ọmọ Ajàṣẹ́ náà á sì gba yàrá tí Òmù-Àrán fi sílẹ̀. `n` ò kúrò ní 2.

Ìbéèrè: Ó ti ń sọ méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ wákàtí bó ṣe wà nínú ìwé wọn, `"9:00"`, ó ní 0!

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ lo fún un yẹn, kì í ṣe òǹkà. Àmì àkọ́kọ́ ni Páítọ̀n ń wò tó bá ń to ọ̀rọ̀, 1 sì ṣáájú 9, ni `"10:30"` bá ṣíwájú `"9:00"`. Ó mú ìbẹ̀rẹ̀ `"10:30"` pàdé ìparí `"10:30"`, ó gbà pé yàrá kan ti ṣófo nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá a dé òpin. Bí ìpàdé bá wà, tí o rí 0, wo bí wọ́n ṣe tò ná.

`"09:00"` á tún un ṣe, ṣùgbọ́n padà sí ìṣẹ́jú, torí mo ní ìbéèrè tèmi: ta ló ń gbálẹ̀? Bí wọ́n bá nílò ìṣẹ́jú 15 láti gbálẹ̀ kí wọ́n sì to àga, fi 15 kún ìparí kọ̀ọ̀kan. `p` á di 645, 675, 735, 735. 630 ò tó 645, yàrá kẹta sì di dandan. Bi wọ́n kí o tó kọ méjì fún wọn.