Kí ló dé tí wọn kò rẹ́rìn-ín? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwàdà onígbólóhùn kan

Àwàdà mi gùn jù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e?

Láti iwájú. "Ní ọjọ́ kan", "ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín", "èyí á pa yín lẹ́rìn-ín o": ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú lójijì.

Ẹ wo ohun tí ẹ sọ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an. "Ṣé ẹ gbọ́?" "Ẹnu yà mí o!" Ẹ pa ẹnu dé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọ̀rọ̀ tí kò wúlò?

Ẹ wo èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi: "Níbi tí à ń gbé, tí a kì í sábà rí iná, wọ́n mú iná wá lánàá, ẹ̀rù sì ba ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta tí kò rí i rí, ló bá sá wọ yàrá."

"Tí a kì í sábà rí iná": ta ni kò mọ̀? "Tí kò rí i rí" ni àṣírí àwàdà náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ wá a rí. "Ẹ̀rù" ti tú àṣírí "sá" kí ó tó dé. "Wọ yàrá" sì gba ipò mọ́ "sá" lọ́wọ́. "Lánàá" ní tirẹ̀, iwájú ni kó lọ. Ó ku: "Lánàá, wọ́n mú iná wá. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta sá."

Ẹ má yọ ọdún mẹ́ta, torí géńdé tó sá kò nídìí tó fi sá. Bí ẹ bá sì gé e di "Ọmọ mi sá fún iná", wọ́n á rò pé ilé ló jó, wọ́n á máa kí yín kú ewu.

Mo ti gé e títí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kò gbà láti dúró sí ìparí.

Èyí ló bá mi fínra jù. Mo ní àwàdà kan tí mo máa ń sọ níbi ìnáwó: "Ẹ̀gbọ́n mi jogún ilé, àbúrò mi jogún oko, gbèsè ni wọ́n fún èmi." Bí mo bá ti dé "gbèsè", àwọn tó wà níwájú á bú sẹ́rìn-ín. "Ni wọ́n fún èmi" á wá já lu ẹ̀rín náà, wọ́n á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ èyí tó kù, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó kù. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò tilẹ̀ gbọ́ gbèsè rárá; ariwo ni wọ́n gbọ́. Mo sọ ọ́ kíákíá, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pàbó ló já sí.

"Ni" ló fà á. Bí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ nǹkan, a máa ń gbé e síwájú, a ó wá fi "ni" tì í lẹ́yìn: iṣu ni mo jẹ, Ìbàdàn ni mo ń lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n àwàdà ń fẹ́ kí ohun tí à ń tẹnu mọ́ kẹ́yìn. Ẹ yọ "ni" kúrò, kí ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe.

Mo kọ́kọ́ dán "wọ́n gbé gbèsè fún mi" wò. "Fún mi" ló tún jókòó sípò ìparí. "Wọ́n fún mi ní gbèsè" sàn jù ú lọ, torí ẹni tí wọ́n fún ti ṣáájú, ohun tí wọ́n fún un ló kẹ́yìn. Àmọ́ "mi" kò lágbára tó láti yà mí sọ́tọ̀ lára ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. "Èmi" ló ṣe é:

"Ẹ̀gbọ́n mi jogún ilé. Àbúrò mi jogún oko. Èmi jogún gbèsè."

"Èmi" ti gbé ìtẹnumọ́ náà rù, gbèsè sì ráyè dúró sẹ́yìn pátápátá. Mo fi "jogún" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, bí mo ṣe kórìíra àtúnwí tó. Méjì àkọ́kọ́ ló ń mú kí etí máa retí dúkìá. Mo yọ oko wò, ó di ìròyìn lásán.

Mo ti ṣe gbogbo èyí. Ṣé kí n gbé e lọ bá apanilẹ́rìn-ín tó ń fi í jẹun?

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Bí àwàdà náà bá ṣì pé láìsí i, ẹ gé e, kí ẹ tún bo òmíràn. Bí ẹ bá bò ó títí tí kò sí èyí tó bà á jẹ́, kò sí àwàdà níbẹ̀, ẹ má da oníṣẹ́ láàmú. Bí ó bá wà níbẹ̀ tí kò kàn ṣiṣẹ́ ni, ẹ gbé e lọ. Ẹ fẹnu sọ ọ́ fún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kí ẹ wo ojú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́: ibi tí ojú náà bá ti yí padà ni kí gbólóhùn yín ti parí.