Ojú Onílé, Ojú Àlejò: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí A Bá Ń Kọ Asáínmẹ́ǹtì Lórí Ìjọ Tí A Kì Í Ṣe Ọmọ Rẹ̀

"Bí orin ṣe ń lọ lọ́wọ́, obìnrin kan ṣubú lulẹ̀, gìrì mú un, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀."

Inú asáínmẹ́ǹtì akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo ti ka gbólóhùn yìí. Ó lọ sí ìsìn ọjọ́ Àìkú ní ìjọ Sẹ̀lẹ́ kan, ìyẹn Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947. Ilé Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà, kò sì tíì wọ irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi í pé, "Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan kúnlẹ̀ tì í, ó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́, ó sì ń yára kọ nǹkan. Kò sí ọkùnrin yìí níbì kankan nínú iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìyẹn gan-an ni Yorùbá ń pè ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí rò pé ó jẹ́ rúdurùdu ní akọ̀wé. Tí ènìyàn bá ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ṣubú, a jẹ́ pé lójú àwọn tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, ó ní ẹni tí wọ́n fi rán sí, ó sì ní ibi tí wọ́n máa gbé e lọ lẹ́yìn ìsìn. Ìran ni wọ́n ń pè é.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ méjì tí olùkọ́ yín ń tẹnu mọ́ ti wá, ìyẹn ẹ́míkì àti ẹ́tíkì. Onímọ̀ èdè kan, Kenneth Pike, ló mú wọn jáde ní 1954, láti ara ẹ̀kọ́ ìró èdè. Èdè wa gan-an lè fi hàn wá. Ẹ pe "nílé", kí ẹ tún pe "lọ́jà". Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ gba ohùn yín sílẹ̀ yóò sọ pé ìró méjì ni, n àti l, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n létí Yorùbá, "ní" kan náà ni méjèèjì. Ó kàn di l nígbà tí fáwẹ̀lì rẹ̀ bá ti sọnù níwájú fáwẹ̀lì tí kì í ṣe i. Ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ ni ẹ́tíkì: òṣùwọ̀n tí a gbé wá láti ìta, tí a lè fi wọn èdè yòówù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ létí ẹni tó ni èdè ni ẹ́míkì. Pike wá ní a lè wo ìwà àwọn ènìyàn bákan náà. Mo máa pe ẹ́tíkì ní ojú àlejò, kí n pe ẹ́míkì ní ojú onílé.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á ti túmọ̀ kó tó kọ ohun tó rí sílẹ̀. "Gìrì" kì í ṣe ohun tí ojú rí. Orúkọ àìsàn ni, ìdájọ́ sì ti wà nínú rẹ̀. Ohun tí ojú rí ni pé obìnrin náà ṣubú, pé apá rẹ̀ ń gbọ̀n, pé ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, pé ẹnì kan ń kọ ọ́. Ohun tí mo ní kí ọmọ náà ṣe ni kó ya ojú ìwé rẹ̀ sí mẹ́ta. Apá kìíní fún ohun tó rí tàbí tó gbọ́, láìsí orúkọ kankan tó ní ìdájọ́ nínú. Apá kejì fún ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ìjọ fi pè é, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́. Apá kẹta fún èrò tirẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó bá lọ síbẹ̀ ni kó ti kọ ọ́, torí tó bá fi di ọjọ́ mẹ́ta, èrò rẹ̀ á ti wọnú ohun tó rí, kò sì ní mọ èwo ni èwo mọ́.

Ó padà lọ. Ó bi ìyá àgbà kan pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí obìnrin ọjọ́sí. Ìyá ní, "Ẹ̀mí ló gbé e, ọmọ mi. Ẹ má sọ pé ó ṣubú." Gbólóhùn kékeré yìí níye lórí ju ojú ìwé mẹ́ta tó ti kọ tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó fi ìlà kan hàn wá tí àlejò kò lè rí: nínú ilé yìí, ṣíṣubú yàtọ̀ sí kí ẹ̀mí gbé ènìyàn. Ó kù kó béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ta ló láṣẹ láti sọ pé ìran kan kì í ṣe òótọ́, àti ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ń tọ́ka sí. Èmi gbà á níyànjú pé kó wo Jòhánù Kìíní 4:1, níbi tí wọ́n ti ní kí a dán àwọn ẹ̀mí wò, kó sì wò ó bóyá àwọn náà á dárúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ tí wọ́n kàn mi orí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló gbà padà, kì í ṣe tiwọn.

Àṣìṣe kejì, àwa ọmọ Yorùbá ló máa ń mú jù. A máa ń rò pé torí a gbọ́ èdè, a ti di onílé. Ọmọ náà kọ ọ́ pé ẹ̀mí gùn obìnrin náà "gẹ́gẹ́ bí òrìṣà ṣe ń gun ẹlẹ́gùn Ṣàngó, bí àwọn ọmọ ìjọ ṣe mọ̀." Àwọn ọmọ ìjọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ẹ sọ ọ́ létí wọn, kí ẹ wo ojú wọn. Lójú tiwọn, Ẹ̀mí Mímọ́ ni, àárín rẹ̀ àti ti òrìṣà sì jìnnà bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má ṣe fi wọ́n wéra o. Ìfiwéra jẹ́ iṣẹ́ gidi, ojú àlejò nìkan ló sì lè ṣe é, torí ẹni tó wà nínú ilé kan ṣoṣo kò ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ilé méjì. Ẹ lè béèrè ta ni ẹ̀mí sábà máa ń gbé, irú orin tó ń ṣíwájú rẹ̀, ẹni tó ń dúró ti onítọ̀hún, kí ẹ sì béèrè ohun kan náà lójúbọ Ṣàngó. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ ara yín sí i. Ẹ kọ ọ́ pé "èmi ló fi wọ́n wéra, àwọn ọmọ ìjọ kò ní gbà." Gbígbé èrò tiwa sí wọn lẹ́nu ló burú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu kan kì í ṣe gbogbo ilé. Olùṣọ́ ìjọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ pé "ìjọ gbà pé." Ní Sẹ̀lẹ́, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlàyé tí àgbà ọkùnrin máa ṣe lórí rẹ̀ lè jẹ́ ti Léfítíkù látòkèdélẹ̀. Tí ẹ bá bi obìnrin tó dúró síta lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó lè sọ ohun mìíràn. Ojú onílé ni méjèèjì. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì sọ ipò tí olúkúlùkù wà.

Èyí tó dùn mí jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú àlejò gbé ojú onílé mì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ àwọn Aládùúrà. Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ yìí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ àdúrà kan tí Joseph Shadare ṣíwájú wà nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Olùkọ́bìnrin kan, Sophia Odunlami, sọ pé Ọlọ́run ní kí wọ́n lo àdúrà àti omi òjò. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ ọ́ pé: "Inflúẹ́ńsà ló dá Aládùúrà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ gbà pé Ọlọ́run ni." Ó ti fi "ló dá a sílẹ̀" fún ara rẹ̀, ó fi "gbà pé" fún wọn. Bẹ́ẹ̀, àwọn onílé fúnra wọn máa ń dárúkọ àrùn yẹn tí wọ́n bá ń sọ ìtàn! Wọn kò sá fún un. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni iṣẹ́ tí àrùn náà ń ṣe nínú ìtàn: fún onílé, ìgbà ìdánwò ni, tí Ọlọ́run fi pe àwọn ènìyàn rẹ̀, fún òpìtàn, ọ̀kan ni lára ohun tó mú kí àwọn èèyàn ṣí etí sí ìpè náà. Òpìtàn tún ní láti dáhùn ìbéèrè tó le: ọ̀pọ̀ ìlú ni àrùn náà jà, kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo wọn ni irú ẹgbẹ́ yẹn ti hù? Àrùn nìkan kò lè dá a lóhùn. Ẹ tún kíyè sí i pé bóyá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí asáínmẹ́ǹtì lè wọ̀n. Ẹ má dá a láre, ẹ má sì dá a lẹ́bi.

Ní ti bí a ṣe ń mú méjèèjì dọ́gba, ẹ má pín iṣẹ́ sí ààbọ̀ àti ààbọ̀. Mo ti ka èyí tó fi ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ròyìn ìjọ, tó tún wá fi ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ to àwọn ọ̀mọ̀wé jọ, tí apá méjèèjì kò sì kí ara wọn. Ìbéèrè yín ni kó pín in. Tí ìbéèrè bá jẹ́ "báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìran tòótọ́?", ojú onílé ló máa gba ibi tó pọ̀ jù, ojú àlejò á wá ní ìparí láti béèrè ẹni tí àṣẹ yẹn fún lágbára. Tó bá jẹ́ "kí ló dé tó fi jẹ́ pé obìnrin ni ẹ̀mí ń gbé jù níbí?", ẹ ní láti kà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó sọ pé obìnrin ló pọ̀ jù, kí ẹ tó wá bi onílé ohun tó rí sí i. Ẹ tún kọ ìpínrọ̀ kan nípa ara yín: ibi tí ẹ jókòó sí, ohun tí wọn kò jẹ́ kí ẹ rí, ohun tí ẹ ti gbà gbọ́ kí ẹ tó wọlé.

Ìpínrọ̀ tí ọmọ náà tún kọ nìyí:

"Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, obìnrin kan wó lulẹ̀, apá rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ tì í, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé ẹ̀mí ló gbé e, ó sì kìlọ̀ pé kí n má pè é ní ṣíṣubú. Ìran ni wọ́n pe ohun tó sọ. Níbi tí mo ti ń wò ó, akọ̀wé yìí ló ń sọ ohùn ẹnì kan di ọ̀rọ̀ gbogbo ìjọ. Ọkùnrin ni gbogbo akọ̀wé tí mo rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Apá ọkùnrin ni mo jókòó sí, mi ò sì gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin ń sọ láàárín ara wọn."

Mo fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kó wá obìnrin kan tó lè bá a lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.